Kọ́ọ̀pù Tó Wà Lójú Fèrèsé Mi

Kọ́ọ̀pù oníke kan wà lójú fèrèsé yàrá mi ní Ṣómólú. Èèyàn lè rí inú rẹ̀ látìta, ó sì ní ọmọrí. Mo fi bírò fa ìlà mẹ́rin sí i lára, ìlà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ṣíbí ìjẹun kan. Bí ọmọ mi obìnrin bá wọlé wá kí mi láàárọ̀, kọ́ọ̀pù yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi. Ó ti mọ̀ pé èmi lè sọ pé ara mi le lọ́jọ́ tí kò le, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń wọ inú kọ́ọ̀pù náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ níbi tí èèyàn ti ń jẹun, àwa tí a ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sì ti kọ́ bí a ṣe ń gbé e mì níwájú àlejò. Gbígbé mì yẹn gan-an ló jẹ́ kó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tí dókítà bi mí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mélòó ni mò ń pọ̀ jáde lójúmọ́, tí ó sì ní kí n sọ àwọ̀ rẹ̀, mi ò lè dáhùn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń wúkọ́, mi ò wo ohun tó ń jáde rí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí èéyi mú mi. Kò tíì lọ tán tí òtútù àyà fi tẹ̀ lé e. Mo yè é, ṣùgbọ́n ikọ́ ò fi mí sílẹ̀ mọ́. Nílé ìwé, wọ́n ń pè mí ní ìyá arúgbó. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé, níbi tí a ti ń di ìwé tí a sì ń kó kàlẹ́ńdà jọ, ọ̀gá mi rò pé eruku pépà ni. Ilé ìwòsàn kan ya àyà mi ní ẹ́kísírè, wọ́n rí àpá, wọ́n sì fún mi ní oògùn ikọ́ fée oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ilé ìwòsàn mìíràn rí àpá kan náà, wọ́n tún fún mi ní oṣù mẹ́fà. Nínú méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò rí kòkòrò ikọ́ fée nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Onílé mi ìgbà náà gbọ́, ó ní kí n wá ilé mìíràn. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Ọdún 2019 ni dókítà kan fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà láti orí èéyi, tí ó sì ní kí n lọ ya sítì síkáànù àyà. Ó pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi àwòrán náà hàn mí. Nínú ẹ̀dọ̀fóóró tó pé, ọ̀nà tí èémí ń gbà àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bá a rìn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ọ̀nà èémí á sì máa tín-ín-rín sí i bó ti ń lọ sí etí ẹ̀dọ̀fóóró. Tèmi, ní apá òsì nísàlẹ̀, kò tín-ín-rín. Ó ṣí gbàgà, ó yí po bí òrùka, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá dà bí òkúta kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí òrùka náà. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni brọ́nkiẹ́ktásísì. Ó ní ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Láénẹ́ẹ̀kì, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1819. Igba ọdún gééré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ẹnì kan tó dárúkọ rẹ̀ sí mi létí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà wa kò ṣòro láti yé ẹni tó ń gbé lẹ́bàá gọ́tà ní Èkó. Inú ọ̀nà èémí ní omi tó ń yọ̀, ó sì ní irun wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, tó ń gbá omi náà sókè lọ sí ọ̀fun láìdúró. Eruku àti kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á bá a jáde. Nígbà tí ọ̀nà náà bá ti fẹ̀ tó sì ti lọ́, irun wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ti bàjẹ́. Omi ò ṣàn mọ́, ó dúró, ó ki, kòkòrò àìfojúrí sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí síbẹ̀. Ara wa á rán ọmọ ogun sí wọn. Ìjà náà á tún máa jẹ ògiri ọ̀nà èémí, ọ̀nà á tún fẹ̀ sí i, omi tó máa dúró á tún pọ̀ sí i. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè sọ ọ̀nà tó ti fẹ̀ di tóóró padà. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni pé kí a máa kó gọ́tà náà lójoojúmọ́, kí ohun tó wà níbẹ̀ má bàa pẹ́ níbẹ̀.

Èéyi àti òtútù àyà ló fa tèmi. Ikọ́ fée gan-an náà máa ń fà á: oògùn á pa kòkòrò, ara á yá, ṣùgbọ́n ibi tó jẹ á kù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo oògùn ikọ́ fée parí, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò mọ́, tí ikọ́ olómi sì ń bá a lọ, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n ya sítì síkáànù kí wọ́n tó tún gbé oògùn oṣù mẹ́fà fún un.

Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń kó gọ́tà náà ni màmá kan tó jẹ́ fisiọ, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n bí mo ṣe ń pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Mo wúkọ́ títí ojú mi fi pọ́n, ìwọ̀nba itọ́ díẹ̀ ló jáde. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Àǹtí, ẹ má bá a jà mọ́. Bí ẹ bá ń wúkọ́ tipátipá báyìí, ẹ̀ ń tẹ ọ̀nà náà pa. Ó ti rọ̀, ó máa ń pa dé ni. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá há sẹ́yìn ibi tó pa dé."

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu, mo máa ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kọ́ọ̀pù kan, mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Apá òsì ló bàjẹ́, nítorí náà òun ló gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa sun wá sí àárín. Wọ́n máa ń ní kí ẹlòmíì gbé ìrọ̀rí méjì sábẹ́ ìbàdí kí orí rẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju àyà lọ. Èmi gbìyànjú ẹ̀, oúnjẹ alẹ́ àná sì ń kan sókè wá sí ọ̀fun mi. Màmá fisiọ ní kí n jáwọ́ níbẹ̀ kíá, torí ohun kíkan tó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóóró á tún ba ibẹ̀ jẹ́ sí i. Mo ń dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láìgbé ìbàdí sókè báyìí, orí mi lórí ìrọ̀rí kan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé apá òkè ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ ló bàjẹ́, bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ tí ikọ́ fée ṣe, ìjókòó ló máa bá a mu jù. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ kó ìṣe mi bó ti wà láìmọ ibi tí tirẹ̀ wà.

Bí mo bá ti dùbúlẹ̀ tán, mo máa ń gbé ọwọ́ kan lé ikùn, mo máa ń mí jẹ́jẹ́, kí èjìká má ṣe gbéra, kí ikùn nìkan máa wú kó sì máa fà. Bíi èémí mẹ́fà. Èyí ń jẹ́ kí ọ̀nà èémí tú sílẹ̀, kò sì yẹ kí a fò ó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa èémí gígùn sínú, lọ́ra, kí egungun ìhà lè ṣí. Bó bá kún, mo máa ń dá a dúró nígbà tí mo bá ka ẹní, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn, kí n tó jẹ́ kó tú jáde fúnra rẹ̀ láìtì í. Mo máa ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òòyì á kọ́ mi. Dídá èémí dúró yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá dá a dúró, afẹ́fẹ́ á rí àyè gba àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóóró kọjá lọ sẹ́yìn kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ló lè tì í jáde. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wúkọ́, iwájú ni mo ti ń tì í.

Mo máa ń padà sí èémí jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni "hààà" máa kàn. Ẹ rántí bí èèyàn ṣe ń fi èémí bu dígí kó tó nù ún: ẹnu á yà, ọ̀fun á là, èémí gbígbóná á jáde láìsí ariwo ikọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àkọ́kọ́, mo máa ń fa èémí díẹ̀, kì í ṣe kíkún, mo máa wá sọ "hààà" tó gùn, jẹ́jẹ́, títí tí èémí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí ló ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá wá sókè. Bí mo bá gbọ́ ọ tó ń hó nítòsí ọ̀fun, mo mọ̀ pé ó ti gòkè. Nígbà náà ni mo máa fa èémí kíkún, tí n ó sọ "hàà!" kúkúrú kan tó lágbára, ikọ́ kan ṣoṣo tàbí méjì á tẹ̀ lé e, ó ti wọ inú kọ́ọ̀pù. Bí "hààà" náà bá ń súfèé, mo ti ń tì í jù, kí n rọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń padà sí èémí jẹ́jẹ́, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èémí gígùn. Mo máa ń yí i po bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bí "hààà" bá gbẹ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tí mi ò gbọ́ híhó kankan, mo ti parí. Bí kò bá gbẹ tó fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa ń dáwọ́ dúró náà, torí ara tó bá ti rẹ̀ kò lè ṣe é dáadáa mọ́. Lálẹ́, ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń tún un ṣe. Àwọn èèyàn wà tó ń lo ike tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí tó sì ń gbọ̀n àyà wọn láti inú. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìfọ̀ kí kòkòrò má bàa gbé inú rẹ̀. Ọwọ́ mi àti èémí mi ni mo ń lò ní tèmi.

Mo ti gbìyànjú láti fò ó rí. A lọ sìnkú ní Ìkòròdú, èrò kún ilé, ojú sì ń tì mí. Mi ò ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Mile 12, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mi ò lè dáwọ́ dúró, àwọn èrò sì ń ṣí fèrèsé. Ohun tó yẹ kó jáde nínú yàrá mi ní ìdákẹ́jẹ́ ló jáde níwájú gbogbo ayé.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn tó ń ta oògùn ládùúgbò pé kí wọ́n má fún ẹni tó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ní oògùn tó ń pa ikọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì wọlé nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu ún yó. Fún àwa, ìdí mìíràn wà: bí ikọ́ bá kú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò kú. Inú lọ́hùn-ún ló máa dúró sí.

Ohun tí mo fẹ́ dúró lé lórí jù ni bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò ti gbérí. Àwa kò lè sọ pé "mo ń wúkọ́, ara mi ò yá", torí ojoojúmọ́ la ń wúkọ́. A ò sì lè sọ pé àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti di ofeefee, torí ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ofeefee ni tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le jù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìyàtọ̀ sí tàná. Ẹni tí kò bá mọ tàná rẹ̀ kò lè rí ìyàtọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni kọ́ọ̀pù mi àti ìwé kékeré kan ti wúlò.

Tèmi lọ́jọ́ tó dára: ṣíbí ìjẹun méjì lójúmọ́, àwọ̀ bí omi ògì, ó ń yọ̀. Mo ń gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì níbi iṣẹ́ láìdúró. Mo ń jí lẹ́ẹ̀kan lóru láti wúkọ́, nígbà mìíràn mi ò tilẹ̀ jí. Mo máa ń kọ gbogbo èyí sínú ìwé ní ìlà kan ṣoṣo lójoojúmọ́.

Àwọn onímọ̀ àrùn náà láti ilẹ̀ púpọ̀ fẹnu kò lọ́dún 2017 sórí ohun mẹ́fà tó yẹ kí a máa wò: ikọ́ fúnra rẹ̀, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe pọ̀ tó tàbí bó ṣe ki tó, àwọ̀ rẹ̀, èémí tó ń gé tàbí agbára láti rìn tó dín kù, àárẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀. Bí mẹ́ta nínú wọn bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ó sì tó ọjọ́ méjì gbáko, tí dókítà sì rí i pé ó yẹ kí ìtọ́jú yí padà, àrùn ti gbérí nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ibà kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ara gbígbóná lè wà, ó sì lè má sí rárá. Mélòó nínú wa ló ti dúró de ibà tí kò dé?

Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni mo ti lo ìwé yẹn fún ohun tó ṣe pàtàkì. Àsìkò kàlẹ́ńdà ni. Gbogbo Ṣómólú ń tẹ̀wé tọ̀sán-tòru, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, eruku àti èéfín wà nínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ ọ́ pé: "Ṣíbí mẹ́ta. Àwọ̀ ògì." Mo rò pé eruku ni. Lọ́jọ́rú: "Ṣíbí mẹ́rin, ó kún. Ó ti ń di àwọ̀ ewé, ó ń fà bí gọ́ọ̀mù. Mo jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin." Lọ́jọ́bọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ti dà bí ewédú, ó ń rùn, mo sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ní àjà kìíní kí n tó lè gùn ún tán. Ara mi ò gbóná. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan ní ibà ni, kí n lọ gba oògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé mi, mo kà á: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti pọ̀, àwọ̀ ti yí, àtẹ̀gùn ti ṣẹ́gun mi, àárẹ̀ mú mi. Mẹ́rin nìyẹn, ọjọ́ méjì sì ti pé.

Nínú ọdún mélòó kan ṣáájú ìyẹn, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, mo sì gba sípírò lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, mo lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ara mi fúyẹ́, mo dáwọ́ dúró. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó padà wá. Dókítà mi ṣàlàyé ohun méjì fún mi lẹ́yìn náà tí mi ò gbàgbé. Èkíní, sípírò àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè tẹ kòkòrò ikọ́ fée mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìpa á, kí àyẹ̀wò má lè rí i, kí ìtọ́jú tòótọ́ sì pẹ́. Èkejì, kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Súdómónásì, tó máa ń wá gbé inú irú àyà wa, tó sì le láti lé. Bóyá la rí oògùn oníhóró mìíràn tó ń ràn án yàtọ̀ sí ẹbí sípírò yẹn. Bí a bá ń fi ṣeré, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, kí oògùn kankan tó kan ẹnu mi, mo fi omi lásán yọ ẹnu, mo dùbúlẹ̀, mo ṣe èémí mi, mo sì jẹ́ kí "hààà" gbé ti ìsàlẹ̀ pátápátá wá, mo tu ú tààrà sínú ike olómorí tí lábù fún mi. Itọ́ ẹnu kọ́ ni wọ́n fẹ́. Bó bá jẹ́ itọ́ ló wà níbẹ̀, kòkòrò ẹnu ni wọ́n máa rí. Mo gbé e lọ láàárọ̀ kùtù, torí bó bá pẹ́ ju bíi wákàtí méjì nínú ooru Èkó, àwọn kòkòrò kan á kú, àwọn mìíràn á sì bí sí i, èsì á sì tàn wá jẹ. Wọ́n pín in sí méjì: apá kan láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á, apá kejì fún Jíìnì-Ẹ́kísípáàtì, láti wo ikọ́ fée. Mo máa ń gbà kí wọ́n wò ó nígbàkúùgbà. Oògùn tí mo lò láìnídìí lẹ́ẹ̀mejì kò sọ pé ikọ́ fée ò lè mú mi lọ́jọ́ kan.

Dókítà ò dúró de èsì. Ó wo èsì àtijọ́ tó wà nínú fáìlì mi, ó sì fún mi ní amọ́kísílìn, ọgọ́rùn-ún márùn-ún mílígíráàmù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gùn tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọjọ́ márùn-ún ń tó fún ẹlòmíì. Ó ní inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki ni kòkòrò tèmi sá pamọ́ sí, oògùn kì í tètè dé ibẹ̀. Ó ní kí n sọ èémí mi di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, torí gbogbo èyí tí mo bá kó jáde, oògùn ò ní bá a jà mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, èsì dé. Kòkòrò tó ń jẹ́ Himófílọ́ọ̀sì ni, amọ́kísílìn sì lè pa á. Kò sí ikọ́ fée. Bó bá jẹ́ pé kòkòrò mìíràn ni wọ́n rí, tí ara mi ò sì tíì yá, oògùn náà ni wọn ì bá pààrọ̀.

Ìwé mi sọ bó ṣe lọ. Títí di ọjọ́ kẹta, kò sí ìyàtọ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lọ́jọ́ keje, ó ti padà sí ṣíbí mẹ́ta, òórùn ti lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gun àtẹ̀gùn láìjókòó. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti ń sọ pé ó tó, kí n tọ́jú ìyókù oògùn de ìgbà mìíràn. Mo lò ó tán.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó kù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á kọjá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan, fọ́nrán pupa tín-ín-rín nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀. Ara mi gbọ̀n. Màmá fisiọ ní kí n má dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí n jókòó, kí n mí jẹ́jẹ́ nìkan, kí n má fi agbára sọ "hàà", kí n sì sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Fọ́nrán bẹ́ẹ̀ lè bá àrùn tó gbérí rìn, ó sì lè lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ gangan, tó kún ṣíbí ìjẹun tàbí tí kò dá, pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a kọrí sí lójú ẹsẹ̀. Nínú mọ́tò, kí a fi ẹ̀gbẹ́ tó bàjẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ìdàkejì ohun tí mo ń ṣe láràárọ̀ ni. Láràárọ̀, mo fẹ́ kí apá òsì sun sí àárín, nítorí náà ó wà lókè. Lọ́jọ́ ẹ̀jẹ̀, mi ò fẹ́ kó sun sí ibi tó dára, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni n ó fi lélẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ mi àti bàbá rẹ̀, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn: "Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, òsì sílẹ̀."

Èémí tí mò ń ṣe láràárọ̀ kò tíì sọ ọ̀nà tó fẹ̀ di tóóró, kò sì ní sọ ọ́. Àrùn náà ṣì lè gbérí láàárín ọdún bí mo tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ti gbérí lẹ́ẹ̀kan láti oṣù Kejìlá yẹn. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, dókítà ti ní àwọn oògùn mìíràn tí a máa jọ jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mo ń sùn lóru, mo ń wọ bọ́ọ̀sì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣí fèrèsé nítorí mi, mo sì ń tètè mọ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí láàárọ̀ yìí, mo ti dùbúlẹ̀, mo ti jókòó, "hààà" ti gbẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi wọlé, ó gbé kọ́ọ̀pù sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì bá mi kọ ìlà òní sínú ìwé: "Ṣíbí méjì ó dín díẹ̀. Àwọ̀ ògì. Ìyá mi ò jí lóru."